Ìpín ọ̀fẹ́ kì í ṣe owó tuntun

Ẹni tí ó ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe ẹni tí ń gbé Àjàṣẹ́ níbí, lè rí ọ̀kan nínú ìwé méjì gbà. Èkínní a sọ pé wọ́n fi ìpín tuntun ta á lọ́rẹ. Èkejì a sọ pé ó ní ẹ̀tọ́ láti fi owó ra ìpín tuntun ṣáájú ará ìta. Àwọn ènìyàn a máa yọ̀ sí ti èkínní, wọn a sì máa kùn sí ti èkejì. Ṣùgbọ́n ìwé ìṣirò kò bá wọn yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Access Holdings ti ìlú Èkó, tí báńkì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa ní Bẹ̀nẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé báńkì tí ń ṣòwò kọjá ààlà gbọ́dọ̀ ní 500 bílíọ̀nù náírà. Owó-ìpín àti owó àlékún orí ìpín nìkan ni yóò kà. Èrè tí a kó pamọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ yìí fi ìpín tuntun kan lọ ẹni tí ó ní méjì, ní náírà 19 àti kọ́bọ̀ 75.

Kọ́bọ̀ 50 ni iye orí ìwé ìpín náà. Kọ́bọ̀ 50 yìí nìkan ni ó wọ inú owó-ìpín. Náírà 19 àti kọ́bọ̀ 25 tí ó ṣẹ́kù di owó àlékún. Nínú nǹkan bí 351 bílíọ̀nù tí ó wọlé, owó-ìpín gba bíi bílíọ̀nù 9 péré. Ìyókù di owó àlékún, níbi tí a ti ń yọ ìnáwó ètò náà.

Ká ní ìpín ọ̀fẹ́ ni wọ́n pín, ọ̀kan fún méjì, owó-ìpín ì bá pọ̀ sí i ní bílíọ̀nù 9 kan náà. Ṣùgbọ́n inú owó ìpamọ́ ni wọn ì bá ti bù ú, kọ́bọ̀ kan kò sì ní wọlé. Ẹni tí ó ní ìpín 1,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó náírà 18 yóò ní 1,500, ọjà yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa iye rẹ̀ sí náírà 12. Náírà 18,000 náà ni. Owó tí a bù sínú owó-ìpín kò sì ṣeé pín bí èrè mọ́.

Ní ti ìpín ẹ̀tọ́, ẹni tí ó ní 1,000 gbọ́dọ̀ wá náírà 9,875 fún 500. Bí ó bá dákẹ́, ìdá mẹ́ta tí ó ní tẹ́lẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ náà di méjì. Lábẹ́ òfin OHADA tí àwa ń tẹ̀ lé, ó lè ta ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn kí àkókò rẹ̀ tó parí, bí ìpín náà fúnra rẹ̀ bá ṣeé tà. Ó ya ni lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ṣe ń jẹ́ kí ó jóná sọ́wọ́ wọn.

Òfin yìí kan náà tún sọ pé kí ilé-iṣẹ́ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá èrè ọdọọdún sínú owó ìpamọ́ tí òfin fẹ́, títí yóò fi tó ìdá márùn-ún owó-ìpín. Ilé-iṣẹ́ tí owó-ìpín rẹ̀ jẹ́ 100 mílíọ̀nù sẹ́fà dúró ní 20 mílíọ̀nù. Bí ìpín ọ̀fẹ́ tàbí ìpín ẹ̀tọ́ bá sọ ọ́ di 150 mílíọ̀nù, 30 mílíọ̀nù ni òfin ń béèrè, yíyọ náà yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ kí èrè ọdún náà tó kan onípìn-ín.