Àìsàn ti lọ, àárẹ̀ kò lọ: ìdí tí kò fi yẹ ká sáré padà sẹ́nu iṣẹ́

Ẹni tó ń ra ẹja ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wá tà ní Ìkòròdú mọ̀ pé iṣẹ́ náà kò gba ọ̀lẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà Ìtòìkín. Yóò nájà, yóò ru ẹrù, yóò wọ mọ́tò padà, yóò sì tún jókòó ti ọjà rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ká ní irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kó àrùn Kòrónà, tàbí ọ̀fìnkìn líle kan. Ó dùbúlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ara gbígbóná lọ, ikọ́ dá, oúnjẹ ń wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, ó gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà láìsí ìyọnu, ó délé, ó dúpẹ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kò kà á sí. Àárọ̀ Ọjọ́rú ló wá di pé kò lè dìde. Orí ń fọ́ ọ, gbogbo eegun ń ro ó, ó sì sùn mọ́jú bí ẹni tí kò sùn rárá. Àwọn ará ilé ní ibà ló padà dé. Wọ́n ra oògùn ibà, ó lò ó tán, ara fúyẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wó lulẹ̀.

Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ọjọ́ tó wà láàárín. Bó bá jẹ́ pé lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ gan-an ni àárẹ̀ ti gbé e ṣánlẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ pé iṣẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ tí fáírọ́ọ̀sì máa ń fi sílẹ̀ kì í sábà dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba wákàtí méjìlá, ó lè gba ọjọ́ méjì. Bí owó èlé ló rí: ọjọ́ tí a ná an, ó dùn; ọjọ́ tí olówó bá kan ilẹ̀kùn la tó mọ iye tó jẹ́. Oògùn ibà ló gba ìyìn, bẹ́ẹ̀ ìdùbúlẹ̀ ọjọ́ mélòó kan ló mú ara fúyẹ́.

Àìsàn yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti Kòrónà nìkan. Ní ìlú Dubbo ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àwọn olùwádìí tẹ̀lé ènìyàn 253 tí oríṣi àkóràn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú. Nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, bí ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn ṣì wà nínú àárẹ̀ náà. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2006, fi hàn pé irú àkóràn tó mú ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ yí iye náà padà. Bí àìsàn ti le tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Nílé wa níbí, àwọn dókítà yẹ ènìyàn 274 tí wọ́n ti tọ́jú fún Kòrónà ní Ìpínlẹ̀ Èkó wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2021. Bí ogójì nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ṣì ní nǹkan kan tó ń ṣe wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n ti kúrò ní ilé ìwòsàn, àárẹ̀ àti ẹ̀fọ́rí ló sì ṣíwájú.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Ìdáhùn kò tíì pé, àmọ́ ìwádìí kan tó jáde ní ìlú Amsterdam ní 2024 là wá lójú. Wọ́n ní kí àwọn tí Kòrónà ti fi àárẹ̀ sílẹ̀ fún wa kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n sì gé ìṣùpọ̀ ẹran ara kékeré lára itan wọn ṣáájú àti lọ́jọ́ kejì. Ibi tí ara ti ń sọ oúnjẹ di agbára nínú iṣan wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa tó ti àwọn tí ara wọn le, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà ó tún burú sí i, iṣan wọn sì fi ọgbẹ́ hàn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n kò mọ ohun tó ń sọ.

Kódà kí ìwádìí yìí tó jáde ni ìmọ̀ràn àtijọ́, pé kí aláàárẹ̀ máa fi agídí fi kún eré ìdárayá lójoojúmọ́, ti kúrò nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde fún àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 lórí àárẹ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni pé kí ènìyàn wá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kó sì dúró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Báwo ni oníṣòwò ẹja wa yóò ṣe é? Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, kò ní lọ sí Ẹ̀pẹ́ rárá. Kó bẹ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan lọ́jà kó bá a ra tirẹ̀ mọ́ ọn. Kó jókòó ti ọjà fún wákàtí méjì láàárọ̀, kó lọ sílé kó tó rẹ̀ ẹ́, nítorí ẹni tó bá dúró dìgbà tó rẹ̀ ẹ́ ti pẹ́ jù. Kó jókòó wẹ̀, kó jókòó gé ẹ̀fọ́. Bí ọjọ́ méje bá kọjá láìsí ìwólulẹ̀, kó fi wákàtí kan kún un. Ìwé kékeré tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún àwọn tí Kòrónà ti fi sílẹ̀ náà ní kí ènìyàn lo ọjọ́ méje, ó kéré tán, lórí ìpele kan kó tó bọ́ sí èkejì. Ohun kan ṣoṣo ni kó máa fi kún: bó bá fi kún àkókò, kó má tíì ru ẹrù. Kó sì kọ ohun tó ṣe lójúmọ́ àti bí ara ṣe rí ní ọ̀tunla sílẹ̀, torí ọ̀tunla ni èsì ń jáde. Bó bá wó lulẹ̀, ìpele tó ti kọjá ni kó padà sí, kì í ṣe orí ibùsùn fún oṣù kan.

Oorun ló tún ń da ọ̀rọ̀ rú. Ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àìsàn jà kì í tètè sinmi. Ó lè sùn wákàtí mẹ́sàn-án kó má tu ènìyàn lára. Ẹni náà á wá sùn láti ọ̀sán títí di Àṣárì kó lè dí i, òru á dé, ojú á là rangandan. Ìsinmi àti oorun kì í ṣe ohun kan náà: ó lè na ẹ̀yìn sílẹ̀ níbi tó dákẹ́, kó má sùn. Bí oorun ọ̀sán bá pọn dandan, kó má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kó sì parí kí aago mẹ́ta tó lù. Aago ìjí ni kó dì mú, ìbáà jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kò jẹ́ kó sùn lálẹ́. Kó jáde sínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Kó fi obì, kọfí àti ohun mímu inú agolo tí wọ́n fi ń lé àárẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán. Ìṣọ́ òru lè dúró ná. Oògùn oorun tí wọ́n ń tà ní kẹ́mííìsì láìsí ìwé dókítà lè di bárakú, mi ò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà á.

Kì í ṣe gbogbo àárẹ̀ ni ti fáírọ́ọ̀sì o. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó pọ̀ tó, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò ibà gangan dípò kó máa fojú dá a. Ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tí ènìyàn ń rù, tó ń làágùn lóru, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ló kàn. Àyà dídùn, dídákú, tàbí mímí gúlegúle lórí ìjókòó kò dúró de ọ̀sẹ̀ kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń gbé e lọ. Kó mú ìwé tó ń kọ ojoojúmọ́ rẹ̀ sí dání, nítorí dókítà tó bá rí i pé ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìrìn àjò Ẹ̀pẹ́ ni ara máa ń wó kò ní kọ oògùn ibà kẹrin fún un.