Ìlò Àtẹ Karnaugh àti Ipò Àìkàsí fún Ìlà-iná e Nínú Ẹ̀rọ Atúmọ̀ Òǹkà

Ojú ẹ̀rọ tí ó ń fi òǹkà hàn lára aago tábìlì ní ìlà-iná méje, a títí dé g. Ẹ̀rọ atúmọ̀ ni ó ń gba òǹkà gẹ́gẹ́ bí àmì mẹ́rin, A, B, C àti D, tí iye wọn jẹ́ mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì àti ọ̀kan, tí ó sì ń pinnu ìlà tí yóò tàn. Ìlà e, tí ó wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ń tàn fún 0, 2, 6 àti 8 nìkan.

Àmì mẹ́rin ń bí ipò mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n mẹ́wàá péré ni òǹkà 0 sí 9 ń lò. Ipò mẹ́fà tí ó ṣẹ́kù, 10 sí 15, ni ipò àìkàsí. Bí wọn kò bá ní wọlé láé, ì báà tàn, ì báà kú, kò yí nǹkan padà. X ni wọ́n fi ń sàmì sí wọn nínú àtẹ tí Maurice Karnaugh gbé jáde ní 1953:

```
AB\CD  00  01  11  10
00      1   0   0   1
01      0   0   0   1
11      X   X   X   X
10      1   0   X   X
```

Ìdí tí 11 fi ṣíwájú 10 ni pé àmì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ láàrin ilé méjì tí ó fara kanra. Etí àtẹ náà sì pàdé ara wọn.

Bí gbogbo X bá jẹ́ 0, méjì-méjì nìkan ni 1 lè pa pọ̀: 0 pẹ̀lú 8, 2 pẹ̀lú 6. Gbólóhùn Búùlì rẹ̀, nínú èyí tí àmì ' túmọ̀ sí "kì í ṣe", yóò jẹ́:

```
e = B'C'D' + A'CD'
```

Ṣùgbọ́n bí X ipò 10 bá di 1, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò di agbo kan: B àti D jẹ́ 0 níbẹ̀, A àti C ń yí padà, nítorí náà wọ́n jáde. Bí X ipò 14 náà bá di 1, òpó tó gbẹ̀yìn yóò di agbo kejì, tí C jẹ́ 1, tí D jẹ́ 0:

```
e = B'D' + CD'
```

A ti pòórá pátápátá. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dán an wò: 6 jẹ́ 0110, CD' fún un ní 1, 4 jẹ́ 0100, agbo méjèèjì fún un ní 0.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ gbìyànjú láti kó gbogbo X sínú agbo. Bí ó bá fi agbo yí ìlà 11 ká, AB yóò wọlé láìnídìí. X tí kò mú agbo kan gbòòrò sí i, 0 ni.

Òmìnira yìí ní ààlà. Ní báyìí, ìlà e yóò tàn bí 10 tàbí 14 bá wọlé. Bí ọwọ́ ènìyàn ló ń tẹ àmì wọ̀nyí sínú ẹ̀rọ, tí ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo nígbà tí ó bá ṣi tẹ̀, ipò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í ṣe àìkàsí mọ́. 0 ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, gbólóhùn àkọ́kọ́ ló sì tọ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ X kankan, ibi tí àmì ti ń wá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè.