Ìwé Àjọ Inú Fọ́tò: Ta Ló Ti Dá, Ta Ló Ti Kó?

Ọwọ́ olórí àjọ ni ìwé máa ń wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ lóde òní, inú fóònù ni ẹ̀rí ń gbé. Bí wọ́n bá ti kọ owó ọ̀sẹ̀ tán, ẹnì kan á ya ojú ìwé náà ní fọ́tò, á fi ránṣẹ́ sí àwọn yòókù lórí Wásáàpù. Nígbà tí awuyewuye bá dé, fọ́tò á pọ̀ nílẹ̀, síbẹ̀ kò ní sí ẹni tó lè sọ iye tí lágbájá ti dá.

Kí wọ́n tó to orúkọ jọ, owó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú àtẹ Excel: nọ́ńbà fọ́tò, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ọjọ́ tó sanwó, ọ̀sẹ̀ tó sanwó fún, iye tó dá, iye tó kó. Nọ́ńbà dára ju orúkọ lọ, nítorí ìwé kan náà lè pe ẹnì kan ní Ìyá Ṣadé lónìí, kó pè é ní Màmá Fọlá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ tó sanwó àti ọ̀sẹ̀ tó sanwó fún: ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjà ti ń wá.

Ká mú àjọ ẹni márùn-ún tó ní ọwọ́ mẹ́fà, torí Ìyá Ṣadé mú ọwọ́ méjì. ₦10,000 ni ọwọ́ kan lọ́sẹ̀, ẹni tó bá kàn á sì kó ₦60,000. Fọ́tò ọ̀sẹ̀ kẹta fi ₦50,000 hàn, ti ọ̀sẹ̀ kẹrin fi ₦70,000 hàn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó kó lọ́sẹ̀ kẹta gba owó rẹ̀ pé. Kò sẹ́ni tó jalè. Ìyá Rúká ni kò rówó mú wá lọ́sẹ̀ kẹta. Olórí àjọ fi tirẹ̀ dí i, Ìyá Rúká sì san ₦20,000 lọ́sẹ̀ kẹrin. Bí wọ́n bá pín ₦20,000 yẹn sí ìlà méjì, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan fún ìkẹrin, ọ̀sẹ̀ méjèèjì á pé ₦60,000. Bí iye tí wọ́n dá bá wà ní E, tí ọ̀sẹ̀ wà ní D, tí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wà ní B, èyí ló ń ro ọ̀sẹ̀ kẹta àti ọmọ ẹgbẹ́ kẹta:

```
=SUMIFS(E:E,D:D,3)
=SUMIFS(E:E,B:B,3)
```

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ìyá Ṣadé ti dá ₦80,000, ó sì ti kó ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn mẹ́ta ti dá ₦40,000, wọ́n ti kó ₦60,000, nítorí náà ₦20,000 wà lọ́rùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni karùn-ún ti dá ₦40,000, kò tíì kó nǹkan kan. Èyí tí ẹgbẹ́ jẹ Ìyá Ṣadé àti ẹni karùn-ún jẹ́ ₦60,000, iye kan náà tí àwọn mẹ́ta yẹn jẹ ẹgbẹ́.

Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, ó lè jẹ́ pé ojú ìwé kan wọ inú àtẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ńbà fọ́tò ló ń tú u fó. Ibi tí àtàǹpàkò bò tàbí tí 1 jọ 7, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀, kí wọ́n lọ wo ìwé gan-an. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ owó Ìyá Rúká sórúkọ ẹlòmíì, gbogbo ìròpọ̀ ọ̀sẹ̀ á ṣì pé. Irú èyí kì í hàn nínú ìròpọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ìlà tirẹ̀, kó fi wé àláàtì báǹkì rẹ̀.