Ìkànnì Fídíò Aláìfojúhàn: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹ̀ka Tó Lówó Lórí àti Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Ìpolówó Rẹ̀

Ìkànnì fídíò aláìfojúhàn ni ìkànnì tí ẹni tó ń ṣe é kì í yọjú sí àwọn tó ń wò ó. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ohun tí ojú wọn ń rí lè jẹ́ àwòrán yíyà, máàpù, ọwọ́ tó ń se ọbẹ̀, tàbí ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Lórí YouTube, irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ lè gba owó ìpolówó gẹ́gẹ́ bí ìkànnì ẹni tó fojú hàn, nítorí òǹwòran ni olùpolówó ń wá, kì í ṣe ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀ka ọ̀rọ̀ tí ìkànnì bá dúró lé ló ń pinnu irú òǹwòran tí yóò wá, irú òǹwòran náà ló sì ń pinnu iye tí olùpolówó yóò san.

Nọ́ńbà méjì ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣírò owó yìí mọ̀ yàtọ̀ síra. Èkíní ni CPM, iye tí olùpolówó ń san fún ẹgbẹ̀rún ìpolówó tó hàn. Èkejì ni RPM, iye tó kù sí ọwọ́ oníkànnì lórí ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n bá wo fídíò rẹ̀, lẹ́yìn tí YouTube ti mú ìpín tirẹ̀. Nínú owó ìpolówó orí fídíò gígùn, ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún ni oníkànnì ń gbà. Ká sọ pé wọ́n wo fídíò kan ní ìgbà 1,000, ṣùgbọ́n ìgbà 500 péré ni ìpolówó jáde nínú rẹ̀. Bí olùpolówó bá ń san dọ́là 8 lórí ẹgbẹ̀rún ìgbà tí ìpolówó bá fídíò jáde, dọ́là 4 ni gbogbo owó náà, dọ́là 2 àti sẹ́ǹtì 20 sì ni ti oníkànnì. Èyí ni RPM. Ẹni tó bá gbọ́ pé CPM ẹ̀ka kan jẹ́ dọ́là 8, tó sì fi 8 ṣírò owó tirẹ̀, ti fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju ohun tí yóò rí lọ.

Ohun tó ń mú kí ẹ̀ka kan lówó lórí ju òmíràn lọ ni èrè tí olùpolówó ń retí lórí oníbàárà kan ṣoṣo. Ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò àti àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà ìṣirò owó lè náwó púpọ̀ kí wọ́n tó rí oníbàárà kan, nítorí oníbàárà náà lè máa sanwó fún wọn lóṣooṣù fún ọdún púpọ̀. Ẹni tó ń wo fídíò bí a ṣe ń ṣe ìwé owó ilé ìtajà ti fi ohun tó ń wá hàn wọ́n. Ẹni tó ń wo àwàdà kò fi nǹkan kan hàn ju pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí náà owó kékeré ni wọ́n sábà máa ń fi dù ú. Ibi tí òǹwòran ń gbé tún kan ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó ń polówó fún ará Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Ìlú Ọba ń náwó ju àwọn tó ń polówó fún ará Nàìjíríà lọ, nítorí pé owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà lọ́hùn-ún pọ̀ jù.

A lè yẹ ẹ̀ka wò kí a tó gbé fídíò kan jáde. Google ní irinṣẹ́ kan fún àwọn olùpolówó, orúkọ rẹ̀ ni Keyword Planner. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ń wá sínú rẹ̀, òpó tó ń jẹ́ Top of page bid yóò fi iye tí àwọn olùpolówó ń dù lé ọ̀rọ̀ náà hàn. Ìpolówó ojú ìwé ìwákiri ni iye yẹn wà fún, kì í ṣe ti fídíò, nítorí náà a kò gbọdọ̀ mú un bí owó tí a óò gbà. Ohun tó wúlò fún ni láti fi ẹ̀ka kan wé òmíràn. Lẹ́yìn èyí, kí a tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sórí YouTube, kí a wo àwọn fídíò tó kọ́kọ́ jáde. Bí ìkànnì tí kò tíì ní ju ẹgbẹ̀rún díẹ̀ alábàápín lọ bá ní fídíò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tàbí ọgbọ̀n èèyàn ti wò, àyè ṣì wà fún ẹni tuntun. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì ńláńlá nìkan ló kún ibẹ̀, ọ̀nà náà dí.

Ọ̀fìn méjì wà tí àwọn oníkànnì aláìfojúhàn sábà máa ń jìn sí. Èkíní ni fídíò ọmọdé. Ní ọdún 2019, Google àti YouTube gbà láti san mílíọ̀nù 170 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà àti ìpínlẹ̀ New York lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń gba ìsọfúnni nípa àwọn ọmọdé láìgba àṣẹ òbí. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, ìpolówó tí a fi ìṣe òǹwòran yàn kò jáde mọ́ nínú fídíò tí a ṣe fún ọmọdé. Olùpolówó kò lè mọ ẹni tó ń wò ó dáadáa, iye tó ń san sì ti dínkù. Èkejì ni fídíò àdàkọ. Ojú tí kò hàn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àmọ́ YouTube kì í sanwó lórí fídíò tí a kó lọ́dọ̀ ẹlòmíì láìfi ohun tuntun kún un. Ní oṣù keje ọdún 2025, ó tún ṣàlàyé òfin rẹ̀ lórí àwọn fídíò tí a ń rọ jáde lọ́pọ̀ yanturu, tí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹ̀ka tí a bá yàn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi ìmọ̀ tiwa ṣe fídíò àádọ́ta lé lórí, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ní ohun tirẹ̀ láti sọ.

A lè fi akọ̀wé ìṣirò owó kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó mọ Excel dunjú, ó sì mọ àlọ́ Ìjàpá pa. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: àlọ́ fún ọmọdé pẹ̀lú àwòrán tó ń rìn, tàbí ẹ̀kọ́ Excel ní èdè Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn oníṣòwò kéékèèké, níbi tí ojú kọ̀ǹpútà nìkan yóò ti máa hàn. Àwọn RPM tó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ àbá fún ìṣirò. Ẹnikẹ́ni lè fi tirẹ̀ rọ́pò wọn.

Ká sọ pé wọ́n ń wo àlọ́ ní ìgbà 100,000 lóṣù. Nínú rẹ̀, 70,000 wá láti Nàìjíríà ní RPM sẹ́ǹtì 30, èyí jẹ́ dọ́là 21. Láti Amẹ́ríkà, 15,000 ní dọ́là 2 jẹ́ dọ́là 30. Láti ibòmíràn, 15,000 ní dọ́là 1 jẹ́ dọ́là 15. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 66. Ẹ̀kọ́ Excel kò ní èrò tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà 20,000 péré ni wọ́n ń wò ó. Láti Nàìjíríà, 8,000 ní sẹ́ǹtì 50 jẹ́ dọ́là 4. Láti Amẹ́ríkà, 5,000 ní dọ́là 7 jẹ́ dọ́là 35. Láti ibòmíràn, 7,000 ní dọ́là 2 jẹ́ dọ́là 14. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 53.

Owó orí Amẹ́ríkà ló kàn. Google ń yọ ọ́ lára owó tó wá láti ọ̀dọ̀ òǹwòran Amẹ́ríkà nìkan. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ, bí oníkànnì bá ti fi fọ́ọ̀mù W-8BEN sílẹ̀. Bí kò bá fi í sílẹ̀, wọ́n lè yọ tó ìdá 24 nínú gbogbo owó rẹ̀, títí kan èyí tó wá láti ilé. Lẹ́yìn owó orí, dọ́là 57 ló kù fún àlọ́, dọ́là 42 àti sẹ́ǹtì 50 ló sì kù fún Excel.

Títí dé ibí yìí, àlọ́ ló ń borí, àmọ́ a kò tíì yọ owó iṣẹ́. Ká sọ pé dọ́là kan jẹ́ náírà 1,500, ayàwòrán sì ń gba náírà 40,000 lórí àlọ́ kan, mẹ́rin lóṣù. Náírà 85,500 ló wọlé, náírà 160,000 ló jáde. Kí owó tó wọlé tó lè dọ́gba pẹ̀lú èyí tó ń jáde, wọ́n gbọ́dọ̀ wo àlọ́ náà ní nǹkan bí ìgbà 187,000 lóṣù. Fún Excel, náírà 63,750 ló wọlé. Bí détà àti iná bá gba náírà 20,000, náírà 43,750 ló kù, nǹkan bí ìgbà 6,300 lóṣù sì ti tó láti dí owó tó jáde. Akọ̀wé náà kò ní láti sọ ìmọ̀ àlọ́ rẹ̀ nù pátápátá. Ó lè fi kọ́ àwọn àgbàlagbà ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ní èdè, kí àwọn náà lè fi bá ọmọ wọn sọ̀rọ̀. Òǹwòran rẹ̀ á wá jẹ́ àgbàlagbà ní ilẹ̀ tí owó ìpolówó ti pọ̀, bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni pé fún àgbàlagbà ló ṣe fídíò náà.

Ṣíṣírò àkókò ṣe pàtàkì bí ṣíṣírò owó. Owó ìpolówó kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé títí ìkànnì yóò fi ní alábàápín 1,000, tí wọ́n á sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù 12 tó kọjá, tàbí kí wọ́n ti wo fídíò Shorts rẹ̀ ní ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ọjọ́ 90. Wákàtí 4,000 jẹ́ ìṣẹ́jú 240,000. Bí òǹwòran bá ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin nídìí fídíò kan, ìgbà 60,000 ni wọ́n gbọ́dọ̀ wò ó, èyí tó jẹ́ 5,000 lóṣù. Ìkànnì tí iye rẹ̀ kò dé ibẹ̀ kò ní kó wákàtí náà jọ láé, nítorí bí oṣù tuntun ṣe ń wọlé ni oṣù àtijọ́ ń bọ́ lára ìṣirò. Lẹ́yìn tí owó bá ti bẹ̀rẹ̀, AdSense kì í san án títí yóò fi pé dọ́là 100. Akọ̀wé tó ń rí dọ́là 42 àti sẹ́ǹtì 50 yóò rí i pé oṣù kẹta ni owó tó wà nílẹ̀ tó kọjá 100.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè yí ìṣirò padà. Fídíò tó bá pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ lè gba ìpolówó láàárín, èyí tó kéré sí i kò lè gbà á. Oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún sábà máa ń lówó jù nítorí ọjà Kérésìmesì, RPM a sì já wálẹ̀ ní oṣù kìíní. Ẹni tó bá fi owó oṣù Kejìlá ṣírò ọdún tó ń bọ̀ yóò já ara rẹ̀ kulẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí owó bá ti ń wọlé, ó yẹ kí a kó àbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a sì lo RPM tó hàn nínú YouTube Studio, ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Bí RPM bá dára ṣùgbọ́n tí òǹwòran kéré, ẹ̀ka náà kò burú. Àkọlé àti àwòrán iwájú fídíò ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Bí òǹwòran bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí RPM kéré, fídíò púpọ̀ sí i kò ní yanjú rẹ̀. A gbọ́dọ̀ yí kókó ọ̀rọ̀ sí ohun tí olùpolówó ń wá. Bí méjèèjì bá kéré, tí owó iṣẹ́ sì ń ju owó tó ń wọlé lọ, ẹ̀ka mìíràn ni kí a yàn.