Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, owó rẹ̀ ń lọ: Ẹ̀yin tẹ́náǹtì Ifẹ̀, ẹ tún àgírímẹ́ǹtì yín kà!

Lóṣù kẹta, ọdún 2017, tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Yorùbá àtàwọn Hausa ní Sábó, n'Ilé-Ifẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí réńtì lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí ni kálukú ń dù. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kó ọjà lọ, ìjọba Ọ̀ṣun sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá ti rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló máa ń dìde: ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì, ta ni yóò ru àdánù rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun n'Ifẹ̀. Láàárín ọdún 1997 sí 2000, nígbà tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ń bára wọn jà, oníṣòwò tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ sá lọ kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tó pọ̀ jù nínú àwọn tẹ́náǹtì gbà ni pé bí kò bá ti sí ẹ̀bi lọ́wọ́ àwọn, tí àwọn ò sì lè ṣílẹ̀kùn, lándílọ́ọ̀dù kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó àwọn ọjọ́ yẹn. Ó ṣe ni láàánú pé òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà jogún púpọ̀ nínú rẹ̀, ti sọ tirẹ̀ lọ́dún 1647, nínú ẹjọ́ Paradine àti Jane. Jane ni tẹ́náǹtì. Ọmọ ogun ọ̀tá ló lé e kúrò lórí ilẹ̀ tó gbà, kò sì rí ohun kan jẹ níbẹ̀ fọ́dún púpọ̀. Síbẹ̀, ilé-ẹjọ́ ní kó san owó rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé bó bá fẹ́ kí òun bọ́ nígbà ogun, ó yẹ kó ti bá onílẹ̀ ṣàdéhùn bẹ́ẹ̀ látilẹ̀.

Àwọn kan á ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa, ẹ gbọ́ ti 1981. Ilé-iṣẹ́ kan gba ilé ìkẹ́rù sí ní ìlú Hull, ní England, fún ọdún mẹ́wàá. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ìjọba ìbílẹ̀ ti ọ̀nà kan ṣoṣo tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gbà débẹ̀, fún nǹkan bí ogún oṣù. Àwọn adájọ́ àgbà gbà pé ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé kí àdéhùn ilé gbígbà dàrú pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ogún oṣù nínú ọdún mẹ́wàá kò tó bẹ́ẹ̀, kí tẹ́náǹtì máa sanwó lọ. Ìdájọ́ ìgbà yẹn kò di àwọn adájọ́ Nàìjíríà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń yẹ irú rẹ̀ wò. Bí ogún oṣù kò bá gba tẹ́náǹtì Hull sílẹ̀, kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń ta aṣọ ní Lágéré?

Nítorí náà, inú àgírímẹ́ǹtì ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ lè rí abala méjì tó jọra, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èkíní ni èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní "fọ́ọ̀sì májọ̀", ìyẹn ohun tó ju agbára ẹ̀dá lọ. Ó máa ń sọ pé bí ogun, rògbòdìyàn tàbí omíyalé kò bá jẹ́ kí ẹnì kan ṣe ojúṣe rẹ̀, kò jẹ̀bi. Tẹ́náǹtì á yọ̀ pé òun ti bọ́. Kò tíì bọ́ o! Ojúṣe tirẹ̀ ni kó sanwó, kónílé-ó-gbélé kò sì di ọwọ́ tó ń sanwó, títà ló dí lọ́wọ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ kọ ọ́ gbangba pé abala yìí kò kan réńtì rárá.

Abala kejì ni ti ìdín réńtì kù. Èyí gan-an ni tẹ́náǹtì nílò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹkún tún wà. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ni pé bí iná tàbí omi bá ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́ débi tí kò ṣe é lò, réńtì á dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe. Ẹni tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lè rí nǹkan dì mú níbẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ tí ògiri rẹ̀ kò sán, ṣùgbọ́n tí kò lè jáde nítorí kónílé-ó-gbélé, kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi. Nígbà tí omíyalé 26 oṣù kẹjọ, ọdún 2011 wó àwọn afárá kan ní Ìbàdàn, ẹni tí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gé, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ gbẹ, abala yẹn kò lè gbè é.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni pé: "bí tẹ́náǹtì kò bá lè wọ ṣọ́ọ̀bù tàbí kó lò ó, yálà ṣọ́ọ̀bù bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́, nítorí omíyalé, rògbòdìyàn tàbí àṣẹ ìjọba." Ọ̀rọ̀ "kò bàjẹ́" yẹn ló níye lórí jù. Lándílọ́ọ̀dù náà lè fi tirẹ̀ kún un, pé bí tẹ́náǹtì bá fọwọ́ ara rẹ̀ dí gọ́tà tí omi fi wọlé, kò sí ìdínkù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní réńtì jẹ́ ₦365,000 lọ́dún, ₦1,000 lójúmọ́ nìyẹn. Ká ní àdéhùn sọ pé ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ wà lọ́rùn tẹ́náǹtì, ṣọ́ọ̀bù sì wà ní títì fún ogójì ọjọ́. Ọjọ́ márùndínlógójì ló kù, ìyẹn ₦35,000. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, owó ọdún kan ti wọ àpò lándílọ́ọ̀dù ṣáájú, ta ni yóò yọ ọ́ jáde? Bí àdéhùn kò bá sọ bí owó náà ṣe máa padà, òfin kì í sábà dá owó tí èèyàn ti san sílẹ̀ padà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ ni wọn yóò fi kún un. Bí réńtì bá yẹ kó tán ní 31 oṣù kejìlá, á di ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì. Lándílọ́ọ̀dù kò yọ kọ́bọ̀, tẹ́náǹtì kò sì pàdánù. Kí wọ́n tún kọ ọ́ pé bí títì náà bá kọjá àádọ́rùn-ún ọjọ́, ẹni tó bá wù lè jáwọ́, kí owó tó kù sì padà.

Ẹni tí kò ní irú abala yìí ńkọ́? Kó má ṣe dáwọ́ réńtì dúró fúnra rẹ̀ o, nítorí gbèsè réńtì lè di ìwé ìkìlọ̀ àti ẹjọ́. Kó kọ lẹ́tà sí lándílọ́ọ̀dù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ ọjọ́ tó tì síbẹ̀, kó fi fọ́tò àti ìkéde ìjọba tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló lè wá lọ bẹ̀bẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi oṣù kan kún un fún wa." Bí bàbá bá sì fèsì pé, "Ó ti dáa, ọmọ mi," kó má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n kọ ọ́, kí bàbá fọwọ́ sí i, kí ẹlẹ́rìí náà fọwọ́ sí i. Ọ̀pọ̀ bàbá tó dára ló ti kú, tí àwọn ọmọ tó jogún ilé sì ní àwọn ò mọ nǹkan kan nípa oṣù tí wọ́n fi kún un.