Bí A Ṣe Ń To Fídíò Tí A Fi Ń Fi Ilé Han Ayálégbé

Bí ayálégbé kan bá wà ní Èkó tí ó ń wá ilé sí Ìbàdàn, fídíò tí o fi fóònù yà ni yóò kọ́kọ́ fi wo ilé náà. Bí fídíò náà bá ṣì í lọ́nà, owó ọkọ̀ rẹ̀ yóò ṣòfò, kò sì ní í gbà ọ́ gbọ́ mọ́. Ohun tí ó sábà máa ń fa èyí ni pé a kò to àwọn ègé fídíò náà bí ó ti yẹ.

Òfin tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí ètò rẹ tẹ̀lé ẹsẹ̀ àlejò. Fóònù a máa to àwọn ègé bí o ṣe yà wọ́n tẹ̀léra. Bí o bá kọ́kọ́ ya ilé ìdáná nítorí pé oòrùn òwúrọ̀ mọ́lẹ̀ síbẹ̀, òun ni yóò ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni àlejò kì í gba ilé ìdáná wọlé. Ìwọ ni o ní láti tún wọn tò.

Jẹ́ kí a fi ilé oníyàrá méjì ṣe àpẹẹrẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, kí iwájú ilé hàn tán. Lẹ́yìn èyí, fi ilẹ̀kùn àbáwọlé hàn bí ó ti ń ṣí. Pálọ̀ ni ó kàn: fi í hàn láti ẹnu ọ̀nà, kí o sì fi í hàn láti igun òdìkejì lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá ọwọ́ ọ̀tún, yàrá ọwọ́ òsì, balùwẹ̀, ilé ìdáná àti ẹ̀yìnkùlé. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó fún ègé kọ̀ọ̀kan.

Àṣìṣe méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Èkíní ni pípín yàrá kan sí méjì. Bí o bá fi igun kan yàrá ọ̀tún hàn, tí o lọ sí ilé ìdáná, tí o sì tún padà fi igun kejì hàn, ayálégbé yóò ka yàrá mẹ́ta. Èkejì ni fífi ohun kékeré ṣáájú ibi tí ó wà. Bí omi ẹ̀rọ bá ti ń dà kí ilé ìdáná tó hàn, ta ni yóò mọ ibi tí ẹ̀rọ náà wà?

Láàárín yàrá méjì, fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kí olùwòran lè mọ ibi tí o gbà jáde àti ibi tí o gbà wọlé. Bí o kò bá ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá, títò kò lè tún un ṣe. O ní láti padà lọ yà á.

Ní ìparí, fi fídíò náà han ẹni tí kò dé ilé náà rí, kí o sì ní kí ó ya àwòrán ilé náà sórí bébà. Ibi tí ó bá ti ṣi ilẹ̀kùn tàbí yàrá gbé ni ètò rẹ ti wọ́.