Fọ́tò Ìkọ́kọrẹ́ àti Abọ́ Ìtọ́wò 36

Màmá kan tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán ní Bódìjà, n'Íbàdàn, fẹ́ fi ìkọ́kọrẹ́ kún ohun tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ Ẹtì. Tábìlì mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà wọn, wọ́n sì ti mọ ohun tí wọ́n máa jẹ kí wọ́n tó jókòó: àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í déédéé fi owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ra ohun tí kò jẹ rí. Ìdí nìyẹn tí èmi àti màmá fi gbà pé abọ́ kékeré ìtọ́wò la máa kọ́kọ́ tà, ní iye tó mọ níwọ̀n, ká sì fi fọ́tò kéde rẹ̀ lórí WhatsApp àti Instagram. Èmi ni mo ya fọ́tò náà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe lọ, títí kan ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.

Kí n tó yọ fóònù jáde rárá, ìkòkò la kọ́kọ́ wọ̀n. Màmá se ìkòkò kan, a fi ìgbakọ bù ú títí ó fi tán, ó jẹ́ ìgbakọ 60. Àwo odidi kan ń gba ìgbakọ 3, abọ́ ìtọ́wò ń gba ẹyọ kan. A wá ṣètò abọ́ ìtọ́wò 36, a sì fi ìgbakọ 24 tó kù pa mọ́ fún àwo odidi 8. Àwo 8 yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tí oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn mọ́ lẹ́nu, tí wọ́n wá sọ fún un pé ó ti tán, àmàlà ló máa padà sí. Ní ti owó, ewùrà, ẹja, epo pupa, ata, edé àti gáàsì gba 30,000 náírà, ìyẹn 500 lórí ìgbakọ kan. Iye yẹn náà la ta abọ́ ìtọ́wò. Àwo odidi jẹ́ 2,500. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, 38,000 ló máa wọlé. Màmá kọ́kọ́ fẹ́ fi abọ́ ìtọ́wò tọrẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọ̀fẹ́ máa ń kó àwọn tí kò ní in lọ́kàn láti rà á láé jọ, a ò sì ní lè mọ ẹni tí oúnjẹ náà wù ní tòótọ́.

Ìkọ́kọrẹ́ ṣòro yà. Àwọ̀ kan náà ló ní láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí o bá sì bù ú sínú abọ́ aláwọ̀ ilẹ̀, yóò pòórá síbẹ̀ ni. Abọ́ tánganran funfun ló gbé e yọ. Fóònù tún máa ń ṣì í mú nítorí abọ́ funfun náà: ó máa ń rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò sì mú kí oúnjẹ ṣókùnkùn. Ìka ni mo máa ń tẹ̀ mọ́ ojú ibi tí ìkọ́kọrẹ́ wà lórí fóònù, kí fóònù lè fi oúnjẹ ṣe òṣùwọ̀n.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń fi kókó ewùrà hàn. Tó bá ti iwájú wá, gbogbo rẹ̀ máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ̀kọ. Mo gbé abọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ọwọ́ òsì, mo sì gbé páálí funfun dúró lápá ọ̀tún kí òjìji má bàa ṣú jù. Mo pa gílóòbù inú yàrá, torí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kò bá ti ojúmọmọ mu. Ìmọ́lẹ̀ fóònù fúnra rẹ̀ kò yẹ ní títàn rárá. Àmì funfun ló máa ń fi sójú epo. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí àkókò láti fi ṣòfò. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, epo á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ojú ìkọ́kọrẹ́ á sì ti gbẹ bí awọ. Abọ́ òfìfo ni mo fi ṣètò ohun gbogbo, kí màmá tó bu oúnjẹ gbígbóná. Mo nu ojú fóònù lẹ́ẹ̀mejì torí ooru.

Àṣìṣe mi rèé. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, àwo odidi ni mo yà, tí ẹja kíká ńlá wà lórí rẹ̀, mo sì kọ 500 náírà sábẹ́ rẹ̀. Arákùnrin kan gba abọ́ tirẹ̀, ó wò ó, ó na fóònù rẹ̀ sí màmá: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹja tó wà nínú fọ́tò yìí dà?" Ẹja bíńtín ló wà nínú abọ́ ìtọ́wò, kò sì sí ohun tí màmá lè sọ. Abọ́ 36 tán lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ àwo odidi 3 péré ló tà. Láti ìgbà náà, abọ́ ìtọ́wò gan-an ni mo ń yà, mo sì ń gbé ṣíbí ìjẹun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ojú lè mọ bó ṣe tó.

Nǹkan mìíràn tún wà tí fọ́tò nìkan ò lè sọ. "Ṣé àsáró nìyẹn?" ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Fún ìdí yìí, fọ́tò àkọ́kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, tí a gbé jáde ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, jẹ́ ti ewùrà rírín nínú abọ́, tí ẹyọ ewùrà tí a kò tíì bó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìsí iye owó. Èkejì jáde ní aago 10:30 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn ará ọ́fíìsì tó pinnu ibi tí wọ́n máa lọ jẹun: abọ́ gbígbóná, iye owó, "abọ́ 36 péré", àkókò, àdírẹ́sì. Nígbà tó ku abọ́ 14, a ya ìkòkò náà, a sì kọ iye tó kù.

Nígbà tó tán, a pa fọ́tò wọ̀nyẹn rẹ́ lórí Status. Wákàtí 24 ni Status ń lò, nítorí náà ẹni tó bá rí i ní àárọ̀ Sátidé lè wọkọ̀ wá jẹ ohun tó ti tán lánàá. Àwọn ènìyàn tún máa ń fi fọ́tò náà ṣọwọ́ sí ara wọn, a sì wá ń kọ ọjọ́ sójú fọ́tò Status fúnra rẹ̀. Ti Instagram kì í lọ bẹ́ẹ̀, torí náà a fi fọ́tò ibẹ̀ sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sójú rẹ̀, a kọ iye owó àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí a ti lè yí i padà sí "ó ti tán".

Mi ò fi iye ojú tó wo Status díwọ̀n iṣẹ́ náà. Ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ọmọ tó ń bu oúnjẹ ń fa ìlà kan fún abọ́ ìtọ́wò, ó sì ń fa òmíràn fún ẹni tó bá padà wá ra àwo odidi. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwo 8 tán kí aago méjì tó lù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, a ò ta abọ́ ìtọ́wò mọ́. Ìkòkò kan náà ni màmá sè, ó di àwo 20, wọ́n ta 17. Mẹ́ta tó kù, àwọn ọmọ ilé ìdáná ló fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ bí àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ń jẹ ẹ́.